Ìkòkò Pírẹ́ṣà àti Gálọ̀nù Kẹrosíìnì Kan

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìkòkò pírẹ́ṣà fi jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ ilé ọkọ mi ní Ṣakí kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kaná. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni wọ́n rà á bọ̀ láti Mẹ́kà fún ìyá wọn. Ìyá dúpẹ́ títí, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e síbi tí gbogbo àlejò yóò ti máa rí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, mo rò pé ohun tí wọ́n fi gbé omi sámúsámù bọ̀ ni. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ó ń dán, ó ní ọwọ́ dúdú méjì, irin kékeré kan sì wà lórí ìdérí rẹ̀ tí ó dà bí fìlà ọmọdé. Kò jọ ohun tí ènìyàn yóò da ẹ̀wà sí.

Ìwé tí ó bá a wá tún wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Apá kan ìwé náà jẹ́ èdè Lárúbáwá, apá kejì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Apá ti Lárúbáwá ni Bàbá ọkọ mi kọ́kọ́ ṣí kàn, ni wọ́n bá gbé e sí àárín àwọn tírà wọn lórí pẹpẹ, ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìṣe àlùwàlá. Bí a ṣe ń se ẹsẹ̀ màlúù ni ó wà nínú ìwé yẹn o, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá?

Mo ń rántí gbogbo ìyẹn báyìí, mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà náà kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ìlú, olùkọ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan ju ti ilé-ìwé mọ́dà lọ. Ìròyìn ti ń jà ràn-ìn pé wọn yóò yọ àwọn olùkọ́ bíi tèmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan fún àwa tí a fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí olùkọ́, Gíréèdì Túù: láti aago mẹ́ta ọ̀sán di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Àtìní títí dé Àlàmísì, fún ọdún méjì. Orúkọ mi wà nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí olúkúlùkù wá fọwọ́ sí i ní Sátidé, ẹni tí kò bá wá, kí ó gbà pé kò sí àyè fún òun mọ́.

Èmi sì ni ìyàwó tí ó kéré jù nílé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúà, Sátidé ni ó ń wálé. Ẹnu mẹ́jọ ni ó ń jẹun nínú ilé náà, ọwọ́ mi ni gbogbo wọn sì ń wò, àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ kíláàsì náà, Ìyá ọkọ mi gbé ojú sókè láti ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́.

“Ìyàwó, tí o bá wà ní kíláàsì, ta ló wà nídìí ààrò?”

“Ìyá, mo lè dáná kí n tó lọ.”

“Iná wo? N ò rí kẹrosíìnì lọ́jà láti ìjẹta. Igi sì tutù.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àárín òjò ni a wà. Ní Òkè-Ògùn wa, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, igi ìdáná pọ̀, kò sí ẹni tí yóò kà á sí nǹkan. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń rọ̀ lójoojúmọ́, igi á máa sunkún nínú ààrò, èéfín á bo ilé, ojú á sì pọ́n. Àwọn ọdún yẹn náà ni kẹrosíìnì di ọ̀wọ́n, tí ènìyàn yóò gbé kẹ́ẹ̀gì tò sórí ìlà láti àárọ̀, tí yóò sì gbé e bọ̀ wálé lófìfo. Ìyá ọkọ mi fúnra wọn ni wọ́n máa ń wá igi ilé. Wọ́n á bá ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ lọ, wọ́n á ru ìdì igi dé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá wọn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ààrò yẹn ni ilé wọn gan-an, yàrá kàn ń gbà wọ́n sùn ni.

Mo jẹ́ abínú, kí n má purọ́. Mo wọ yàrá, mo sunkún, mo sì jáde pẹ̀lú ojú líle. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo ní kí wọ́n yá mi ní ìwé ìkòkò pírẹ́ṣà.

Bàbá wò mí. “Ṣé o ní àlùwàlá?”

“Mo ní i, Bàbá.”

Ọjọ́ méjì ni mo fi ka apá ti Gẹ̀ẹ́sì, mo ń da àwọn ojú ewé Lárúbáwá kọjá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo kà á tán, mo mọ̀ pé mo ti rí ọ̀nà. Mo gé ojú ewé kan láàárín ìwé iṣẹ́ mi, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo kọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan gbáko síbẹ̀. Mo gbé e lọ fún Bàbá àti Ìyá ní pálọ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì.

Bàbá ni wọ́n dá àdéhùn náà sílẹ̀. Gálọ̀nù kẹrosíìnì kan péré ni ó kù nílé. Wọ́n ní kí n fi bọ́ ilé láti Sọ́ńdè di Jímọ̀, kí n máa lọ sí kíláàsì nínú ọ̀sẹ̀ náà. Bí ẹnu mẹ́jọ bá jẹun lásìkò, tí a kò fi igi kún un, kí n lọ fọwọ́ sí ìwé ní Sátidé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ kíláàsì.

“Ìyá rẹ náà gbọ́ o,” ni Bàbá wí.

“Mo gbọ́,” ni Ìyá wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tò ó, nítorí mo ṣì ń gbéra ga lórí rẹ̀ títí di òní. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: inú ìkòkò yẹn, ooru kò rí ibi sá sí. Rọ́bà tí ó yí ìdérí ká dì í pinpin, irin orí rẹ̀ sì dí ihò tí ooru lè gbà jáde, nítorí náà omi inú rẹ̀ ń gbóná ju omi ìkòkò lásán lọ. Ohun tí ó ń gba wákàtí mẹ́ta lórí iná igi lè jinná láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí irin orí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ooru ti kún inú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí ènìyàn yí òwú sítóòfù wálẹ̀ títí tí iná yóò fi kéré, tí súfèé náà yóò fi rọra máa dún, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àsìkò. Ẹni tí ó bá fi iná sílẹ̀ kí ó máa jó fòfò lẹ́yìn súfèé ń fi kẹrosíìnì ṣòfò lásán ni, ìkòkò náà kò ní gbóná ju bí ó ti gbóná lọ.

Lẹ́yìn náà ni èyí tí ó wù mí jù. Bí àsìkò bá pé, mo máa pa iná, n ò ní fọwọ́ kan ìdérí. Mo ti wá agbọ̀n ńlá kan, mo kó òwú oko sí inú rẹ̀ títí ó fi nípọn, mo tẹ́ òfì àtijọ́ kan lé òwú náà. Inú ibẹ̀ ni mo máa gbé ìkòkò náà sí bí ó ti gbóná, màá fi òwú àti òfì bò ó lórí. Oúnjẹ á máa jinná lọ fúnra rẹ̀ láìsí iná. Ìgbà tí mo bá ti ilé-ìwé dé ní aago méjì, ó ṣì ń jó ọwọ́. Bí ó bá pẹ́ jù tí ìdérí bá lẹ̀, màá kàn gbé irin orí kúrò kí atẹ́gùn wọlé, á sì ṣí.

Sọ́ńdè jẹ́ ti ẹsẹ̀ màlúù àti pọ̀nmọ́. Ohun tí ó le jù ni mo kọ́kọ́ sè, kí n lè fi omi rẹ̀ se ọbẹ̀ ata tí ó lóró, tí ó ní epo dáadáa, tí a ó máa gbóná láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ó má bàa kan, nítorí a kò ní fíríìjì. Àtìní, ẹ̀wà tí mo ti rẹ sómi láti alẹ́. Àtàláátà, ẹran nísàlẹ̀ ìkòkò, abọ́ ìrẹsì pẹ̀lú omi tirẹ̀ lókè lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó bá ìkòkò náà wá, iná kan fún oúnjẹ méjì. Àlàrùbá, àgbàdo gbígbẹ àti ẹ̀wà pọ̀, àdàlú. Àlàmísì, òtílí, ẹ̀wà tí ó le jù. Jímọ̀, ègbo, kí Bàbá jẹ ẹ́ bí wọ́n bá ti mọ́sálásí dé. Ọkà alẹ́ nìkan ni pírẹ́ṣà kò lè bá mi rò. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, omi ọkà nìkan ló kù láti gbé kaná, màá sì rò ó nígbà tí mo bá ti kíláàsì dé, kí wọ́n tó kírun Mọ̀gàríbì tán.

Ìyá bèèrè pé, “Kí ni kí èmi máa ṣe?”

“Ẹ sinmi, Ìyá. Ẹ jókòó. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.”

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mo pè é. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ojú a máa tì mí.

Sọ́ńdè lọ dáadáa. Gbogbo ilé wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láti gbọ́ súfèé. Àwọn àbúrò ọkọ mi ń sá sẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Bàbá sì dúró lókèèrè pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí ń wo ojú ọ̀run. Ẹsẹ̀ màlúù náà rọ̀ títí tí Bàbá tí wọ́n ti pàdánù eyín méjì iwájú fi jẹ egungun kan tán, tí wọ́n tún bèèrè òmíràn. Àtìní, ẹ̀wà jinná pẹ̀lẹ́ nínú agbọ̀n nígbà tí mo wà níwájú kíláàsì mi tí mo ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Àtàláátà, ìrẹsì àti ẹran jáde nínú ìkòkò kan náà, àwọn àbúrò ọkọ mi sì pariwo. Àlàrùbá, mo gbọn gálọ̀nù náà wò, ó ṣì ju ìdajì lọ. Mo lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé tuntun lábẹ́ apá, orí mi wú. N ò gbóòórùn èéfín lára ara mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ.

N ò wo Ìyá. Èyí gan-an ni mo ń sọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, wọ́n ń bọ́ sí ilé ìdáná, wọ́n ń bọ́ síta. Wọ́n gbá ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan. Wọ́n tún igi tí wọ́n ti tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tò. Mo rí wọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan ààrò, ó tutù, wọ́n sì gbọn eérú kúrò lọ́wọ́. Mo rò pé wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi bá mi jà ni.

Àárọ̀ Àlàmísì ni ó bàjẹ́. Òtílí le, gbogbo ẹni tí ó bá ti sè é rí mọ̀ ọ́n. Ní tiwa, kò sí ìyá ilé tí yóò se òtílí láìfi káún sí i, kí ó lè rọ̀ kíá. Ṣùgbọ́n pírẹ́ṣà kò fẹ́ káún. Òtílí fúnra rẹ̀ ti máa ń ru tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò ṣe jẹ́ kí ó kọjá ìdajì ìkòkò. Bí káún bá tún wọ̀ ọ́, ìfòófò rẹ̀ á ga, á gun ihò ìdérí. Káún sì ń ba irin ìkòkò náà jẹ́, á sọ ọ́ dúdú. Ìwé náà sọ ọ́. Mo kà á. N ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo rò pé èmi nìkan ni mo máa fọwọ́ kàn án.

Mo da òtílí tí mo ti rẹ sínú ìkòkò lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo bu omi sí i, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo padà, mo dé ìdérí mọ́ ọn, mo tan sítóòfù. Láìpẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Mo yí òwú wálẹ̀, mo lọ lọ aṣọ ilé-ìwé mi. Bí mo ti ń lọ̀ ọ́, súfèé náà dákẹ́. Ó yẹ kí n mọ̀. Ìkòkò tí iná ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, tí ó sì dákẹ́ lójijì, ihò rẹ̀ ti dí ni. Ṣùgbọ́n mò ń wo aago nítorí ilé-ìwé, mo kàn sọ lọ́kàn mi pé iná ti kéré jù, màá lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

N ò tíì gbé àyọ́nù sílẹ̀ tí nǹkan fi bú gbàù.

Inú ìdérí náà ni rọ́bà kékeré kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó fò jáde bí ihò bá dí, kí ìkòkò má bàa ya. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ooru tú jáde lọ sókè pẹ̀lú ariwo, ìfòófò òtílí bá a lọ, ó kan àjà, ó kan ògiri, ó ta sórí jálábíà funfun Bàbá tí a sá sí okùn lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́run ṣeun, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Mo sáré wọlé, mo pa iná. Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà kejì, wọ́n di ẹnu mú.

Nígbà tí ó tutù tí mo ṣí i, inú ìkòkò tí ó ń dán tẹ́lẹ̀ ti dúdú. Mo fi ìka tọ́ omi rẹ̀ wò. Káún ni.

Mo yíjú sí Ìyá ọkọ mi. Mo sọ ohun tí ìyàwó kì í sọ.

“Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ ò fẹ́ kí n lọ.”

Mo bọ́ sínú aṣọ mi láìlọ̀ ọ́ tán, mo bá ẹkún lọ sí ilé-ìwé. Mo na àwọn ọmọ kíláàsì mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ju bí ó ti yẹ lọ. Kí wọ́n forí jì mí níbikíbi tí wọ́n bá wà.

Nígbà tí mo dé ní aago méjì, èéfín ti kún ilé. Ìyá wà nídìí ààrò. Wọ́n ti kó òtílí tí ó ṣẹ́kù, wọ́n ti dà á sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n fi igi tútù sè é láti àárọ̀, wọ́n ń fẹ́ ẹ, wọ́n ń wúkọ́. Ojú wọn pọ́n. Àwọn ará ilé ti jẹun, lásìkò, kò sí ẹni tí ebi pa. Wọ́n ti fọ jálábíà Bàbá. Wọ́n sì ti fi yanrìn fọ inú pírẹ́ṣà náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun padà. Wọ́n bu tèmi fún mi nínú abọ́. N ò jẹ ẹ́. N ò kí wọn. Mo lọ sí kíláàsì, mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti lé jáde, nítorí mo mọ̀ pé àdéhùn ti bàjẹ́. A ti fi igi kún un.

Ní Jímọ̀, lẹ́yìn tí Bàbá ti mọ́sálásí dé, wọ́n pè wá sí pálọ̀. Kò sí ègbo. Ẹ̀kọ tútù àti àkàrà ni a jẹ. Bàbá gbé ojú ewé tí mo fi rúlà fà lé itan, wọ́n fi ìka sí Àlàmísì.

“Ilé jẹun?”

“Ilé jẹun, Bàbá.”

“Kí la fi sè é?”

Mo forí balẹ̀. “Igi ni.”

“Ìkòkò náà ńkọ́? Wọ́n ní ó fẹ́ pa ènìyàn. Ìyàwó, kí lo ṣe sí i?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò jọ láti àná wà lẹ́nu mi. Kí n tó lanu, Ìyá ti sọ̀rọ̀.

“Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo da káún sí i.”

Bàbá yí ojú sí wọn. “Ìwọ? Nítorí kí ni?”

Ìyá wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

“Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, a ò se òtílí rí kí n má fọwọ́ sí i. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó ní Sọ́ńdè, mo jókòó ní Àtìní, mo jókòó títí. N ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí. Nígbà tó lọ wẹ̀, mo rí òtílí, n ò rí káún. Mo ní ó ti gbàgbé. Mo ní kí n bá a fi sí i, kí oúnjẹ rẹ̀ lè dùn, kí ẹ lè jẹ́ kó lọ.”

Mo dojú bolẹ̀, mo sì ń sunkún, n ò sunkún nítorí kíláàsì mọ́. Mo rákòrò lọ sí ẹsẹ̀ wọn, mo ní, “Ìyá, ẹ forí jì mí, mo ṣẹ̀ yín.” Wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn mi.

Bàbá tún ohùn wọn ṣe. “Káún tàbí kì í ṣe káún, a ti fi igi kún un, àdéhùn ni àdéhùn. Àti pé, bí ó bá lọ fún ọdún méjì, ta ni yóò dúró ti ìkòkò yìí? Èmi?”

“Èmi ni,” ni Ìyá wí. “Kó kọ́ mi. N ò dàgbà jù.”

Bàbá ká ojú ewé náà, wọ́n sì nà án sí Ìyá, wọn kò nà án sí èmi.

Àárọ̀ Sátidé ni mo fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀sán Sátidé kan náà ni mo kọ́ Ìyá. Rọ́bà kékeré méjì ti wà nínú páálí ìkòkò náà láti Mẹ́kà. Mo fi ọ̀kan dípò èyí tí ó fò. Mo fi hàn wọ́n bí wọn yóò ṣe gbé ìdérí sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n sì wo inú ihò kí wọ́n tó dé e, kí wọ́n rí i pé ó là gaara. Mo fi ìka sàmì sí ibi tí ẹ̀wà kò gbọdọ̀ kọjá. Mo ní bí ó bá dákẹ́ tí iná sì wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n jáde. Mo ní kò gbọdọ̀ sí káún o, Ìyá. Wọ́n ní, “Mo ti gbọ́, má tún un sọ.”

Ohun tí ó kù ni aago, tí wọn kò lè kà. Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n yọ tẹ̀súbáà wọn jáde, wọ́n ní kí n wo aago mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àsíkíìrì, ìrántí Ọlọ́run, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì. Ìyípo mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A tún un ṣe, kò yàtọ̀ púpọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà di ìyípo mẹ́ta, òtílí di mẹ́rin, ẹsẹ̀ màlúù sì di mẹ́wàá. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ń gba láádá, àwọn sì ń se ẹran. Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Ìyá á sọ fún wọn pẹ̀lú ohùn ọ̀gá pé iná kì í pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí ó bá ti súfèé, ẹ yí i wálẹ̀, ẹ yí i wálẹ̀.

Mo lọ sí kíláàsì fún ọdún méjì. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá dé, ibì kan náà ni mo máa ń bá wọn: lórí àpótí kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n òwú náà, ọwọ́ méjèèjì lórí òfì tí ó bò ó. Iná ti kú láti ọ̀sán. Oúnjẹ alẹ́ ti jinná tipẹ́. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, “Ìyàwó, káàbọ̀. Ó wà níbẹ̀. N ò ṣí i.”

Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti dúró tì. Ìdí tí mo fi ṣe agbọ̀n náà nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má dúró tì í, kí wọ́n lè lọ kí ọ̀rẹ́, kí wọ́n lọ sùn. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì rò pé àwọn náà mọ̀ ọ́n. N ò sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ kan. Màá kúnlẹ̀, màá ní, “Ẹ ṣé, Ìyá, ẹ kú ìṣọ́,” àwọn náà á sì dìde, kí n lè gbé ìkòkò jáde.

Nígbà tí èsì ìdánwò dé, Ìyá ti kọ́kọ́ rí mi láti òkèèrè. Wọn kò dìde lórí àpótí náà. Wọ́n kàn bèèrè pé, “Ṣé a yege?”

Mo ní, “A yege, Ìyá.”